Kọ́kọ́rọ́ Tí Rọra Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Dá Padà

Kí takisí náà tó yọ lórí ìyànà ni Rọra ti mọ̀ pé òun ló ń bọ̀. Ohùn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa ń fà díẹ̀, bí ohùn ẹni tí ọ̀fìnkìn ń bá jà, bí wọ́n bá sì tẹ bíréèkì rẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú á dún fíín lẹ́ẹ̀kan, á dákẹ́. Ọkùnrin náà á ju kànìnkànìn ọwọ́ rẹ̀ sínú garawa, á nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, á dúró. Gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń fọ mọ́tò níbẹ̀ ló mọ̀ pé bí takisí yẹn bá ti dé, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ti Rọra ni.

Kì í kúkú ṣe tirẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Àwọn èrò ọkọ̀ ló sọ ọ́ ní Rọra nígbà tó ṣì ń wa takisí. Bí wọ́n bá ń kán an lójú pé kó tẹ̀ ẹ́, á ní, "Rọra, a ó débẹ̀." Wọ́n á máa kùn, wọ́n á sì débẹ̀. Orúkọ náà mọ́ ọn lára débi pé àwọn àna rẹ̀ pàápàá ń fi pè é.

Bó bá ń fọ ọkọ̀ náà, orí rẹ̀ ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, á wá bọ́ sára ilẹ̀kùn òsì níbi tí èrò kan ti ṣí i gbá òpó iná. Lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù iwájú, ìdè onírin kan wà tí kò bá àwọn yòókù mu. Rọra ló dè é lọ́jọ́ kan tí ibẹ̀ ń mì pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́. Á fọwọ́ kan ìdè yẹn wò bóyá ó ṣì le. Á nu ibi tí ọwọ́ ti ń di sítíárì mú, á nu ún tán, á tún un nu. Òórùn inú ọkọ̀ nìkan ló ti yí padà. Lọ́fínńdà àwọn ọ̀dọ́ ló ń ta báyìí.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o," awakọ̀ tó ń wà á nísinsìnyí á wí, á sì dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. Ọkọ Ìyàwó ni wọ́n ń pè é ní gáréèjì, nítorí oṣù tó gba ọkọ̀ ló gbé ìyàwó, ó sì ń sọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì bí ẹni pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n jọ wọlé òun. Ó mọ ẹni tó ń wa ọkọ̀ náà kí ó tó kàn án. Ojú máa ń tì í díẹ̀. Owó tó ń fún Rọra máa ń lé ní ti àwọn awakọ̀ tó kù, Rọra á sì dá èyí tó lé padà.

Mọ̀mí Nọ́ọ̀sì ló ni ọkọ̀ náà gan-an. Nígbà tí ìyá yìí fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìwòsàn, ó fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ra takisí méjì, ó sì gbé wọn síta ní háyà-pọ́ṣéèsì. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ á kó owó díẹ̀ sílẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, á mú onídùúró wá, wọ́n á jọ fọwọ́ síwèé, á wá máa san iye kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọdún méjì. Epo, táyà, àtúnṣe, ọrùn awakọ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Títí owó ìkẹyìn á fi wọlé, orúkọ Mọ̀mí ló wà lórí ìwé ọkọ̀. Awakọ̀ kàn ń yá a lò ni. Ọjọ́ tó bá san tán, ìwé á di tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá kọjá léraléra tí owó kò wọlé, Mọ̀mí lè kọ̀wé ìkìlọ̀ sí i, kó sì gba ọkọ̀ rẹ̀. Èyí tí awakọ̀ ti san ń kọ́? Ó ti lọ nìyẹn. Owó ìlò ni wọ́n kà á sí.

Rọra ti sanwó sanwó, ó ku oṣù díẹ̀ kó parí, kí ẹ́ńjìnnì tó nọ́ọ̀kì lójú títì ní ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀. Owó tí ì bá fi san ti ọ̀sẹ̀ yẹn ló kó fún mẹkáníìkì, kò sì tó. Ọ̀sẹ̀ kejì dé, ọkọ̀ ò tíì jáde. Bí fóònù bá dún tó rí orúkọ Mọ̀mí, á dà á dé. Kì í ṣe olè, kì í ṣe ọ̀lẹ, ìtìjú ló bá a wọ yàrá tó sì tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ìyá náà kò rí i mú, ó gba ọ̀dọ̀ onídùúró lọ, ẹ̀gbọ́n ìyàwó Rọra tó ń ta èlò iná, ó sì bá a sọ ọ́ níṣojú oníbàárà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ẹ̀gbọ́n ìyàwó wá sílé. Kò pariwo. Ó jókòó, ó mu omi, ó ní, "Àna mi, nítorí àbúrò mi ni mo ṣe fọwọ́ síwèé," ó dìde, ó lọ.

Ká ní ó bú u ni, ì bá sàn. Ilẹ̀ mọ́, Rọra mú kọ́kọ́rọ́, ó gbé e fún Mọ̀mí Nọ́ọ̀sì lórí ìjókòó rẹ̀, ó sì fọwọ́ sí ìwé pé òun fínnúfíndọ̀ dá ọkọ̀ padà.

Ó tó oṣù kan lẹ́yìn náà kí akọ̀wé ẹgbẹ́ awakọ̀ tó ka ìwé àdéhùn náà fún un. Ọkùnrin náà yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó mi orí. "O ti san kọjá ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún. Ó wà nínú ìwé yín níbí pé ẹni tó bá ti san débẹ̀, ilé ẹjọ́ nìkan ló lè gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá yẹn ì bá jókòó bá ọ sọ̀rọ̀, bó fẹ́ bó kọ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ lo fọwọ́ ara rẹ dá a padà." Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Gbèsè ọ̀sẹ̀ tó ti kọjá kò sì tìtorí bẹ́ẹ̀ parẹ́; ibi ìfọmọ́tò ni Rọra ti ṣiṣẹ́ san án, títí tí ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ fi tún lè wò ó lójú.

Láti ìgbà náà, ohun tó ń ṣe ọkùnrin yìí kò ní orúkọ tó ṣeé sọ fún èèyàn. Bó bá ń rìn lọ lójú títì tó gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ á dúró. Bó bá jókòó lórí àga nílé, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ á máa tẹ ilẹ̀ jẹ́jẹ́. Ìyàwó rẹ̀ aránṣọ á gbójú sókè lórí ẹ̀rọ, á ní, "Níbo lo ń gbé wa lọ?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kì í pẹ́. Òun náà rántí bí ó ṣe máa ń jókòó síwájú ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi, tí ọkọ rẹ̀ á gbé e lọ kí ìyá rẹ̀, tí wọn kò ní gbé èrò kankan lọ́nà, àfi àwọn méjèèjì àti afẹ́fẹ́ ojú fèrèsé.

Ìgbà tó yá, takisí ò wá fún fífọ̀ mọ́. Rọra rò pé bóyá Ọkọ Ìyàwó ti rí ibòmíràn ni. Ó ń dùn ún, kò sì lẹ́nu láti sọ ọ́. Ta ló ń jowú nítorí garawa omi àti ọṣẹ?

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Mọ̀mí Nọ́ọ̀sì sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú ibi ìfọmọ́tò. Obìnrin tín-ín-rín ni, tó ń rìn bí ẹni pé aláìsàn kan ń dúró de òun ní yàrá kejì. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó fi ìbòrí nu òógùn.

"Rọra, ṣé àlàáfíà ni?"

"Àlàáfíà ni, mà. Ẹ káàbọ̀, mà."

"Ọmọ yẹn ti sá fún mi. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo kọ̀wé, mo pè, onídùúró rẹ̀ ní òun náà ń wá a. Kò tíì san débi tí ìwé ní kí n máa rojọ́ ní kóòtù, mo lè gba ọkọ̀ mi. Ṣùgbọ́n èèyàn ò lè gba ohun tí kò rí." Ó wo Rọra. "Ìwọ mọ gbogbo ibi tí wọ́n ń tọ́jú mọ́tò sí nílùú yìí."

 Rọra náà ti fi í pamọ́ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì rí, ìyá náà sì mọ̀.

"Bá mi wá a," ó ní. "Bí o bá rí i, mi ò tún gba owó àkọ́kọ́ kankan lọ́wọ́ rẹ. Ibi tí o sanwó dé kí o tó dá a padà, ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Oṣù díẹ̀ yẹn ló kù, ọkọ̀ á di tìrẹ. Ó ti ń darúgbó, èmi náà ti ń darúgbó, mi ò lágbára kí n tún fi kọ́ ẹlòmíràn. Ó dùn mí lọ́jọ́ tí o kó kọ́kọ́rọ́ wá. O ò tilẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀."

Nígbà tó lọ, Rọra fi omi fọ ojú kan ṣoṣo lára mọ́tò kan títí tí ẹni tó ni ín fi ní, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ lu ú jáde ni?"

Ó sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀ nígbà tí wọ́n jẹun tán. Obìnrin náà dá ẹ̀rọ dúró. Ó yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu.

"Ó ní kí lo máa san?"

"Èyí tó kù nígbà yẹn nìkan."

"Orí mi o." Ó ń fi ìka tọ àránpọ̀ aṣọ tó wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ọmọ yẹn ń kọ́?"

"Ọmọ yẹn ò sanwó."

"Mo mọ̀ pé kò sanwó. Mo ní òun ń kọ́?"

Rọra ní òun ò mọ̀. Ìyàwó ní, "Mo fẹ́ ọkọ̀ yẹn o, má ṣe bí ẹni pé ìwọ nìkan lo fẹ́ ẹ. Lọ wá a. Bí o bá rí i, ohun tí o máa ṣe á yé ọ."

Kò pẹ́ rárá kó tó rí i. Mẹkáníìkì tó mọ̀ ní í tún takisí náà ṣe, òun ló sì sọ pé jíà rẹ̀ ti kú pátápátá, pé àwọn ló fọwọ́ tì í lọ sẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń gbá búlọ́ọ̀kù, níbi iṣẹ́ bàbá ìyàwó ọmọ náà. Rọra gba ibẹ̀ lọ. Láàárín òkìtì yanrìn àti búlọ́ọ̀kù tútù, ó rí tapólì kan tó bo nǹkan. Kò dìgbà tó ṣí i kó tó mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó mọ èjìká rẹ̀.

Ó ká tapólì náà kúrò níwájú. Yanrìn ti dà sára gíláàsì. Ó ń fi apá ẹ̀wù rẹ̀ nù ún lọ́wọ́ nígbà tí Ọkọ Ìyàwó yọ lẹ́yìn òkìtì, tí eruku sìmẹ́ńtì bò ó dé ìpéǹpéjú. Ọmọ náà dúró bí ẹni tí wọ́n ká mọ́.

"Mọ̀mí ló rán yín?"

"Òun ló rán mi."

Ọkọ Ìyàwó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù. "Ìyàwó mi bímọ, sà. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí ẹ̀. Mo ní kí n fi owó ọ̀sẹ̀ kan ṣe é, màá rọ́pò ẹ̀. Ibi tí mo ti ń sáré kí n rọ́pò ẹ̀ ni jíà kú sí. Ilé tó ń jó, wọ́n tún gbé epo dà sí i. Mo ń gbá búlọ́ọ̀kù níbí, owó ibẹ̀ ò tiẹ̀ tó ra wàrà ọmọ."

"O ò gbé fóònù."

"Kí ni mo fẹ́ sọ?"

Rọra mọ ìbéèrè yẹn. Òun náà bi ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó tì.

Ọmọ náà tọwọ́ bọ àpò, ó mú kọ́kọ́rọ́ jáde, ó nà án sí i. "Ẹ gbà á, sà. Láti àná ni mo ti ń rò ó. Ẹ bá mi fún wọn, kí n sinmi. Èmi náà á lè sùn."

Rọra gba kọ́kọ́rọ́ náà. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sì wọlé lọ jókòó.

Ìjókòó náà gbà á mọ́ra. Ó fọwọ́ lé sítíárì, ó wo díńgí, ó rí ojú ara rẹ̀ àti ìjókòó ẹ̀yìn tó ṣófo. Gbogbo ọ̀nà tó ti fi ọkọ̀ yìí rìn ló ń padà bọ̀, òwúrọ̀ tí ìrì ń sẹ̀ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, èrò tó sùn lọ tí kò fẹ́ jí i, ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ tó bọ́ bàtà sílẹ̀ níwájú. Kò sí ohun tó kù kó ṣe. Kò ní parọ́, kò ní jalè. Kó ṣáà ti pa ẹnu mọ́ kó gbé kọ́kọ́rọ́ lọ. Ọmọ náà ti fínnúfíndọ̀ fi í sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òun náà ti ṣe. Ọkọ̀ á di tirẹ̀ kí ọdún tó yí.

Ó pẹ́ níbẹ̀. Ọkọ Ìyàwó kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ń fi igi ha sìmẹ́ńtì kúrò lára bàtà.

Nígbà tí Rọra jáde, ohùn rẹ̀ le ju bó ṣe máa ń rí lọ. "Dìde. Lọ wẹ̀. Wọ ẹ̀wù tó mọ́."

"Ibo là ń lọ, sà?"

"Ọ̀dọ̀ Mọ̀mí. Gba kọ́kọ́rọ́ rẹ. O ò gbọdọ̀ fún un, àfi bó bá fẹnu ara rẹ̀ bèèrè rẹ̀. Èmi lò ń wò yìí, mo dá tèmi padà kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè. Látìgbà náà ni mo ti ń bá ọ fọ mọ́tò."

Yàrá ìgbàlejò Mọ̀mí Nọ́ọ̀sì mọ́ tónítóní bí yàrá ìwòsàn. Ọkọ Ìyàwó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ìyá náà kò ní kó dìde. Rọra ló wò, ó sì wò ó pẹ́.

"Wíwá ni mo ní kí o wá ọkọ̀. Mi ò ní kí o mú alágbàwí wá."

"Mo ti rí ọkọ̀, mà. Jíà rẹ̀ ló kú. Ẹni tó ń wà á náà rèé, kò sá lọ síbì kankan. Ẹ jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀."

Ọmọ náà sọ ọ́, ó ń kólòlò, títí dé orí ìyàwó àti iṣẹ́ abẹ. Nígbà tó dé ibẹ̀, Mọ̀mí béèrè bóyá ojú egbò náà ti jinná. Ó ní ó ti ń jinná. Ìyá náà ní kó jókòó sórí àga. Ṣùgbọ́n nígbà tó sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò rọ̀.

"Ẹ wò ó, ẹ̀yin méjèèjì. Owó ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo ń jẹ, òun ni mo fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Èmi kì í ṣe ìjọba. Bí ẹ bá sọ fún mi pé nǹkan bàjẹ́, màá bínú, màá sì gbọ́. Ẹ ò jẹ́ sọ. Ẹ ń jẹ́ kí n di ẹni tó ń dọdẹ yín kiri bí ọlọ́pàá." Ó mí kanlẹ̀. "Gbèsè ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo lè gbé e sẹ́yìn, kó san án lẹ́yìn tí ọdún méjì bá pé. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ló máa ra jíà. Ó wà nínú ìwé. Ọkọ̀ tí kò rìn ò lè sanwó, ta ló máa ra jíà?"

 Aago ara ògiri ń dún.

"Èmi," Rọra wí.

Owó kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ti ń kó jọ látìgbà tó san gbèsè tán, owó tó ń fojú sùn pé lọ́jọ́ kan òun á tún fi ṣe owó àkọ́kọ́ takisí mìíràn. Kò sọ èyí níbẹ̀. Ohun tó sọ ni pé kí ọmọ náà máa wà á láàárọ̀ di ọ̀sán, kí òun gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ di ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n kọ́kọ́ yọ owó Mọ̀mí kúrò nínú ohun tí àwọn méjèèjì bá pa, kí wọ́n tó pín ìyókù, títí Mọ̀mí á fi gba owó rẹ̀ tán.

Mọ̀mí tẹjú mọ́ ọn. "Bó bá san tán, orúkọ ọmọ yìí ni mo máa fi sórí ìwé o. Èèyàn kan ṣoṣo ló fọwọ́ síwèé."

"Mo mọ̀, mà."

"O sì gbọ́ ohun tí mo sọ fún ọ lórí bẹ́ǹṣì."

"Mo gbọ́, mà. Ẹ ṣeun."

Wọ́n pe onídùúró ọmọ náà, wọ́n kọ àdéhùn tuntun, gbogbo wọn fọwọ́ sí i, orúkọ Rọra sì wọ inú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí awakọ̀ kejì. Nígbà tó délé tó ròyìn, ìyàwó rẹ̀ sunkún díẹ̀, ó nu ojú, ó ní ohun tí òun rò pé ó máa ṣe náà nìyẹn, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ kí òun sunkún òun tán. Rọra jókòó tì í títí ó fi tán.

Wọ́n fi jíà sí i. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Ọkọ Ìyàwó gbé e wá fún un lọ́sàn-án, Rọra kò lè tètè kúrò lójú kan. Èrò mẹ́ta ti wọlé, wọ́n ń wo ọrùn rẹ̀. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́, tí ọkọ̀ fa ohùn ọlọ́fìnkìn rẹ̀ yẹn, ẹnìkan lẹ́yìn ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yára," Rọra sì ní kó rọra, àwọn á débẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń wà á. Owó ń wọlé fún Mọ̀mí. Ọmọ tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ bí bẹ̀rẹ̀ sí í rá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan Rọra á gbé ọkọ̀ padà sílé Ọkọ Ìyàwó, á na kọ́kọ́rọ́ fún un, á sì fẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Kì í bojú wẹ̀yìn. Ó bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, kò dára fún un.

Ní ọjọ́ tí owó ìkẹyìn wọlé, Mọ̀mí Nọ́ọ̀sì fọwọ́ sí ìwé ọkọ̀, ó gbé e fún Ọkọ Ìyàwó, Rọra sì fọwọ́ síbi tí ẹlẹ́rìí ń fọwọ́ sí.  Ọmọ náà ní kí Bàbá má fi òun sílẹ̀, ọ̀sán ṣì jẹ́ tiwọn títí dé ìgbà tó bá wù wọ́n, òun náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó jíà padà fún wọn díẹ̀díẹ̀. Rọra ní ó dára, ó ṣeun.

Ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e ni Rọra yá ọkọ̀ náà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, ó sì gbé ìyàwó rẹ̀ lọ kí ìyá rẹ̀. Obìnrin náà bọ́ bàtà sílẹ̀ níwájú, ó ṣí fèrèsé. Wọ́n rìn jìnnà kó tó sọ̀rọ̀.

"Ṣé ó ṣì ń ṣe ọ́?"

"Ó ń ṣe mí," ọkọ rẹ̀ dáhùn. "Nígbà tí mo jókòó sínú ẹ̀ gan-an ló ń ṣe mí jù."

Ìyàwó gbọ́wọ́ lé orúnkún rẹ̀. Ọ̀nà ṣófo, Rọra kò sì yára.